Ọjọ́rú, Aago Mẹ́rin Ìrọ̀lẹ́

Ìkéde àkọ́kọ́ tí mo fi sórí Wáàsáàpù kíláàsì wa kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni, a ò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ ní ọdún kìíní ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì, iná ti lọ, mo sùn sórí bẹ́ẹ̀dì òkè nínú yàrá ẹlẹ́ni mẹ́jọ. Mo kọ ọ́ pé: "Ẹ̀yin èèyàn mi, kóòsì Lígà Mẹ́tọ́ọ̀dù yìí ti fẹ́ máa wọni lọ́rùn o. Ẹ jẹ́ ká máa pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ká jọ máa kàwé. Ẹni tó bá fẹ́, kó fi àtàǹpàkò sókè." Kí ilẹ̀ tó mọ́, àtàǹpàkò ti pé 61. Mo na fóònù sí ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ kó wò ó. Ó wò ó, ó ní, "Ṣé gbogbo wọn ló máa wá?" Mo ní kí ló dé tí wọn ò ní wá.

Èèyàn 23 ló wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A pàdé lábẹ́ igi lẹ́yìn họ́stẹ́ẹ̀lì, a sì jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ já gaara ń ka nóòtì lẹ́kíṣọ̀ jáde bí ẹni ń ka Bíbélì nílé àdúrà, àwa tó kù ń mi orí. Nígbà tó dé ibi réṣíò, ìyẹn ìdí òfin tí ìdájọ́ dúró lé, ẹnì kan béèrè pé báwo lèèyàn ṣe ń dá a mọ̀ nínú ìwé ẹjọ́. Ìdáhùn mẹ́ta ló jáde, kò sì sí ìkankan tó jọra. Mo wò yíká: nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó mú ìwé ẹjọ́ kankan dání. Nóòtì la gbé wá. Lọ́sẹ̀ kejì, a kù mẹ́sàn-án. Lọ́sẹ̀ kẹta, a kù mẹ́ta: èmi, ẹni bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ tó wá torí ojú tèmi, àti arábìnrin kan tó gbọ́ pé ẹnì kan máa ń gbé páwà báǹkì wá síbẹ̀.

Ẹni tí kò bá ka òfin rí lè máa rò pé òfin ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ọdún kìíní, pé wọ́n á ní kéèyàn há a sórí. Ní ti Lígà Mẹ́tọ́ọ̀dù, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kàwé ni kóòsì náà fi ń kọ́ni. Wọ́n á gbé ìdájọ́ olójú ìwé ogún fún ọ, gbólóhùn méjì péré nínú rẹ̀ ló sì de adájọ́ tó bá tún gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ìyókù jẹ́ ìtàn, tàbí àríyànjiyàn àwọn agbẹjọ́rò, tàbí ọ̀rọ̀ tí adájọ́ kàn sọ lójú ọ̀nà, èyí tí à ń pè ní óbítà. Ìwọ lo máa wá gbólóhùn méjì yẹn kàn. Nóòtì olùkọ́ ti bá ọ wá a, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dà bíi pé ó yé ọ. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi ìtàn tuntun síwájú rẹ nínú ìdánwò, tí wọ́n ní kí o gba Lágbájá àti Tàmẹ̀dù nímọ̀ràn, ni wàá tó mọ̀ pé kò yé ọ.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní yàrá òdìkejì tiwa, ọdún kẹrin ló wà nígbà yẹn. Mo lọ bá a lálẹ́ ọjọ́ tí a kù mẹ́ta yẹn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ohun tí mo kọ yìí. Wọn ò wá mọ́." Ó kà á, kò pẹ́ rárá, ṣebí ìlà mẹ́ta ni. Ó ní, "Àbúrò, iṣẹ́ wo lo pè wọ́n sí?"

Mo ní ìwé kíkà ni.

"Ojú tèmi ni mo fi ń kàwé, ojú tìẹ lo fi ń kà á. Ta ló ń báni kàwé? Ohun tẹ́ ẹ lè jọ ṣe ni jíjà. Kí kálukú lọ kà á ní yàrá rẹ̀, kó wá sọ ohun tó rí, kí ẹlòmíì sọ pé irọ́ ni. Èèyàn mélòó ló lè jà láàárín wákàtí méjì kí ọ̀rọ̀ kan olúkúlùkù?" Ó ka ìka rẹ̀, ó dúró lórí mẹ́fà. "Pa èyí rẹ́, kó o tún òmíràn kọ. Sọ ọjọ́, sọ aago, sọ ẹjọ́ tí ẹ máa jà lé lórí, sọ ohun tí ẹni tí kò múra máa fojú rí."

Ó gbà mí lọ́jọ́ méjì láti tún un kọ. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, torí kì í ṣe gbogbo kíláàsì ló gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bó ṣe lọ nìyí:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ń wá ẹni márùn-ún tí a jọ máa ṣe Lígà Mẹ́tọ́ọ̀dù ní sẹ́mẹ́sítà yìí. Mẹ́fà la máa jẹ́, a ò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́rú, aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ní yàrá kẹta lẹ́yìn ilé ìkàwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni. Ẹjọ́ méjì la máa tú lọ́sẹ̀ kan. Ẹnì kan á ṣàlàyé ẹjọ́ kan, nítorí náà ó máa kan kálukú lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tó kàn á kọ ojú ìwé kan. Àwọn tó kù á kọ gbólóhùn méjì péré lórí ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan: ìbéèrè wo ni wọ́n gbé síwájú ilé ẹjọ́, kí sì ni réṣíò rẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ lè wá, ṣùgbọ́n òun ni akọ̀wé wa lọ́jọ́ yẹn, kò sì gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ 1, bí wọ́n ṣe ń tú ìdájọ́ palẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 2, réṣíò àti óbítà. Ọ̀sẹ̀ 3, ilé ẹjọ́ wo ló gbọ́dọ̀ tẹ̀lé èwo. Ọ̀sẹ̀ 4, òfin ìbílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 5, òfin tí òyìnbó gbé wá. Ọ̀sẹ̀ 6, bí adájọ́ ṣe ń túmọ̀ òfin tí ilé aṣòfin ṣe. Ọ̀sẹ̀ 7, ìbéèrè ìdánwò àtijọ́, ìṣẹ́jú 45 fún ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ 8, a ó máàkì ara wa.

Àsáìmẹ́ńtì kò sí nínú rẹ̀ o. Kálukú ló máa ṣe tirẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́, kó fi orúkọ ẹjọ́ kan tó ti kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀ kó tó di alẹ́ ọ̀la."

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí jù. Nínú àwọn 61 àná, méje ló kọ̀wé. Mẹ́ta nínú wọn fi ẹjọ́ kan náà ránṣẹ́, ẹjọ́ Dónóhù àti Sítífẹ́ńsìn ti 1932, èyí tí gbogbo ọmọ òfin ń pè ní ẹjọ́ ìgbín inú ìgò. Mo bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìbéèrè kan: ta ló ra ọtí jíńjà yẹn? Méjì ní obìnrin tó mu ún ni. Wọn ò kà á. Ọ̀rẹ́ obìnrin náà ló rà á fún un, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo ẹjọ́ náà wà: nítorí pé kì í ṣe òun ló rà á, kò sí àdéhùn kankan láàárín òun àti ẹnikẹ́ni tó lè torí rẹ̀ pe ẹjọ́, àfi kí ilé ẹjọ́ sọ pé ẹni tó po ọtí jẹ ẹni tó máa mu ún ní gbèsè ìtọ́jú bí wọn ò tilẹ̀ mọ ara wọn rí. Ẹni tí kò mọ ẹni tó sanwó kò lè mọ ìdí tí ẹjọ́ náà fi lókìkí. Mo mú ẹni kẹta àti àwọn mẹ́rin yòókù. A pé mẹ́fà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi jẹ́ Ọjọ́rú, torí wọ́n bi mí léèrè lọ́pọ̀ ìgbà. Ọjọ́ Ẹtì, àwọn kan ń lọ kí Jímọ̀, àwọn kan ti di báàgì láti lọ sílé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni aṣọ fífọ̀ àti àwárí omi. Ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀ṣì ló ni ín. Ọjọ́ Ajé ni lẹ́kíṣọ̀ Lígà Mẹ́tọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, èèyàn sì nílò ó kéré tán ọjọ́ méjì kó tó lè ka ẹjọ́ tí olùkọ́ mẹ́nu bà. Ní ti aago, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán là ń tọ́jú. Láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà, iná ì báà wà, kó má wà, a ríran kàwé. Àwọn ẹgbẹ́ míì ń pàdé ní aago mẹ́jọ alẹ́. Bí iná bá ti lọ, ìpàdé ti tú nìyẹn, ìtàn ni wọ́n á máa pa.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo ṣì ń rántí jù. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmọ́lé ló kàn, ọmọbìnrin ará Ìjẹ̀bú kan ló sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀. Ó da ìwé rẹ̀ dé sórí tábìlì, torí òfin wa ni pé olùṣàlàyé ò gbọdọ̀ wo ìwé, ó bẹ̀rẹ̀. Súbérù Dáwódù kú láì ṣe ìwé ìhágún. Ó fi dúkìá sílẹ̀ ní Èkó, ìyàwó mẹ́rin ló bímọ fún un, ọmọ mẹ́sàn-án ló sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe máa pín in? Ṣé ìdí-igi ni, kí wọ́n pín in sí mẹ́rin, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan mú ìdá kan? Àbí orí-ò-jorí, kí wọ́n pín in sí mẹ́sàn-án, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀ lọ́gbọọgba?

Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ àpẹẹrẹ sójú pátákó. Ká ní owó náà jẹ́ 3,600. Ká ní ìyàwó kan bí ọmọ kan, méjì bí méjì méjì, ẹni ìkẹyìn bí mẹ́rin. Bó bá ṣe orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan á gba 400. Bó bá ṣe ìdí-igi, igi kọ̀ọ̀kan á gba 900: ọmọ kan ṣoṣo yẹn á dá 900 mú, àwọn ọmọ ìyá mẹ́rin á sì pín 900 láàárín ara wọn, 225 níkọ̀ọ̀kan.

Kò tíì kọ 225 tán tí ọ̀kan nínú wa fi fò dìde. Bàbá rẹ̀ náà ní ìyàwó méjì, àwọn márùn-ún ni ìyá rẹ̀ bí. Ó ní ìrẹ́jẹ gbáà ni, ṣé torí pé ìyá òun bímọ púpọ̀ ni òun á ṣe jẹ ìyà? Ẹlòmíì tó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ìyá tirẹ̀ dá a lóhùn pé ìyá òun náà bá bàbá òun kọ́lé, ṣé kí wọ́n wá torí pé Ọlọ́run fún un ní ọmọ kan fún un ní ìdá kékeré ni? Ọ̀rọ̀ di ti ilé. Ìṣẹ́jú ogún lọ níbẹ̀ o, mi ò ní purọ́, èmi pàápàá dá sí i.

Akọ̀wé ọjọ́ yẹn, ẹni tí kò kọ gbólóhùn tirẹ̀ wá, tí kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ló kọ ìbéèrè kan sára ìwé, ó gbé e sókè: "Kí ni wọ́n bi ilé ẹjọ́?"

Gbogbo wa dákẹ́. Torí kò sẹ́ni tó bi ilé ẹjọ́ pé èwo ló dára jù. Ohun tí wọ́n bi í ni pé kí ni àṣà Yorùbá sọ lórí ogún olórogún, ṣé ìdí-igi ṣì jẹ́ àṣà tó wà láàyè, bó bá sì wà láàyè, ṣé ó lòdì sí ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí ọkàn rere, débi tí ilé ẹjọ́ á fi kọ̀ ọ́. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà tẹ̀ sí orí-ò-jorí. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti àpapọ̀ yí i padà ní 1958, ẹjọ́ náà sì gòkè lọ sí Príífì Káńsù ní Lọ́ńdọ̀nù, ibi tí ẹjọ́ Nàìjíríà ń parí sí títí di 1963. Wọ́n fọwọ́ sí ti 1958 yẹn ní 1962.

A wá ṣí gbólóhùn kálukú. Ẹni méjì ló kọ pé: "Ilé ẹjọ́ ní ìdí-igi dára ju orí-ò-jorí lọ." Bí wọ́n bá kọ èyí sínú ìdánwò, wọ́n á pàdánù máàkì, kì í sì í ṣe torí pé wọn ò mọ ẹni tó jàre. Ohun tí ilé ẹjọ́ sọ ni pé ìdí-igi ni àṣà, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì ta ko ẹ̀tọ́; pé ọ̀nà ìgbàlódé kan ni orí-ò-jorí, tí wọ́n fi ń dènà ẹjọ́ bí ìjà bá dé; pé olórí ẹbí ló sì lè pinnu láti lò ó nígbà tí àwọn ọmọ bá ń jà lórí bí wọ́n ṣe máa pín in. Àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù tún fi kún un pé kéèyàn má kánjú fi ojú ilẹ̀ oníyàwó kan wo ẹ̀tọ́ níbi tí oníyàwó púpọ̀ ti jẹ́ ohun tí gbogbo ayé gbà.

Ìgbà náà la ṣe ohun tí mo rò pé ó ṣe wá lóore ju gbogbo rẹ̀ lọ: a yí ìtàn náà padà. Ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú yẹn ní, ká ní àwọn ọmọ ń jà, olórí ẹbí sì ti pè wọ́n jókòó, ó ti ní orí-ò-jorí ni kí wọ́n fi pín in, kí ẹnikẹ́ni tó dé kóòtù. Ṣé ìdí-igi náà ṣì ni? Àwọn méjì tó kọ "ó dára jù" ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé tiwọn fúnra wọn ló tì wọ́n síbẹ̀, torí bí ohun kan bá dára jù, ó yẹ kó máa borí ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó bá mú réṣíò náà bó ṣe yẹ máa rí i pé rárá: ìpinnu olórí ẹbí ló máa dúró. Ẹnì kan tún ní, ká ní Dáwódù ṣe ìgbéyàwó ìlànà òyìnbó ńkọ́? Ìyẹn ti kúrò nínú ẹjọ́ yìí, ti Kólì àti Kólì ti 1898 ló kàn. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kẹ́yìn lórí ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan di ti "ká ní."

Kì í ṣe gbogbo ọ̀sẹ̀ ló lọ báyìí. Ọ̀sẹ̀ kẹfà bà jẹ́ pátápátá. Nígbà tí a ka gbólóhùn wa síta, ti ẹni mẹ́rin dọ́gba délẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńlá kan tí ìkankan nínú wa ò lè túmọ̀. Orí ẹ̀rọ ayélujára la ti jọ dà á kọ, àkékúrú ẹjọ́ kan náà la rí. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé àkékúrú náà mú ọ̀rọ̀ adájọ́ tó yapa sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ bí ìdájọ́. Mẹ́rin wa gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ borí ẹni kan ṣoṣo tó ka ìwé ẹjọ́ gan-an. Ó ní kí a ka orúkọ adájọ́ tó wà lórí ìpínrọ̀ yẹn, ká tún wo ìlà tó gbẹ̀yìn: adájọ́ náà ní òun ì bá ti fàyè gba kòtẹ́milọ́rùn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti lé e dànù. Látìgbà náà, bí ìwé ẹni méjì bá ti jọ ara wọn jù, a kì í bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. A máa ń béèrè pé ojú ìwé kelòó nínú ìdájọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ àsáìmẹ́ńtì yẹn náà, mo dúpẹ́ pé mo fi í sínú ìkéde. Ẹgbẹ́ míì nínú kíláàsì wa jọ ṣe tiwọn, ìpínrọ̀ méjì bá ara wọn mu nínú ìwé ẹni mẹ́ta, òdo ni wọ́n fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan nínú wọn wá bẹ̀ mí kó dara pọ̀ mọ́ wa. Mo ní àyè ti kún. Ọkàn mi ò balẹ̀ lórí èsì yẹn títí dòní.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, a gbé fóònù sórí tábìlì, a yí i sí ìṣẹ́jú 45. Ìdánwò wa jẹ́ wákàtí mẹ́ta, ìbéèrè mẹ́rin lèèyàn máa dáhùn, ohun tó kan ọ̀kan nìyẹn. Èmi lo ìṣẹ́jú 30 lórí ìtàn ẹjọ́ nìkan. Nígbà tí fóònù dún, mi ò tíì kọ ìbéèrè tó wà níwájú ilé ẹjọ́. Ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú ló máàkì ìwé mi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ojú ìwé kìíní látòkè délẹ̀, ó kọ sí etí rẹ̀ pé: "O pa ìtàn dáadáa. Ta lo wá gbà nímọ̀ràn?"

Lóṣù tó kọjá, ọmọ ọdún kìíní kan fi ìkéde kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wáàsáàpù, ó ní kí n bá òun wò ó bóyá ó dára. Mo ka ìlà méjì, mo mọ̀ ọ́n. Ó ti yí Ọjọ́rú sí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti yí yàrá padà, òfin ìbílẹ̀ ṣì wà ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ẹni mẹ́fà ti di ẹni mẹ́wàá, ìlà tó ní kí wọ́n fi orúkọ ẹjọ́ ránṣẹ́ níkọ̀kọ̀ kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Mo bi í pé kí ló dé tó yọ ọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ló ń ba wọ́n, wọn ò ní wá."

Mo ní kó dá a padà.